Bírọ́ílà láàyè, bírọ́ílà dídì tàbí nọ́ílà ọ̀sẹ̀ márùn-ún: mélòó lẹ máa tà kí owó yín tó padà?

Láti Òdògbólú títí dé Ìlíṣàn, ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sin adìẹ ẹyin. Wọ́n ti ta àwọn léyà tó ti gbó, ilé adìẹ kan ṣófo, wọn ò sì tíì fẹ́ kó léyà tuntun sínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọjà mìíràn kún ẹyin. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Èkíní ni kí wọ́n sin bírọ́ílà, kí wọ́n sì tà á láàyè. Èkejì ni kí wọ́n sin bírọ́ílà kan náà, kí wọ́n pa á, kí wọ́n gbé e sí fírísà, kí wọ́n máa tà á ní kílò. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ra nọ́ílà ọlọ́jọ́ kan, kí wọ́n tọ́ ọ dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí wọ́n tà á fún àwọn tó fẹ́ sìn ín ní àgbàlá ilé wọn.

Oko kan ṣoṣo ni mo máa fi wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́nká. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oko náà wà lẹ́bàá Òdògbólú, pé léyà 600 ló ń yé níbẹ̀, àti pé ilé tó ṣófo gba bírọ́ílà 200 tó ti dàgbà. Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí owó ẹyin ń san owó oṣù rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye owó tí mo máa lò: oúnjẹ adìẹ kílò 25 ní ₦18,000, èyí tó jẹ́ ₦720 fún kílò kan; ọmọ bírọ́ílà ọlọ́jọ́ kan ní ₦1,200; ọmọ nọ́ílà ní ₦900. Ojú ọjà kì í dúró, nítorí náà ẹ yọ iye tèmi kúrò, kí ẹ fi èyí tí ẹ bá lọ́dọ̀ yín sí i. Ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yí padà.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Kí a tó ṣírò ohunkóhun, ẹ pín owó náà sí ọ̀nà méjì. Owó àdúró ni èyí tó máa jáde bóyá adìẹ kan lẹ tà tàbí ọgọ́rùn-ún: àfikún owó tí ẹ máa san fún ọmọ iṣẹ́, epo tí ẹ fi ń fa omi, fífọ ilé pẹ̀lú oògùn, àti ìpín owó ohun èlò tí ẹ máa lò fún ọdún bíi mélòó kan. Owó tó ń bá adìẹ rìn ni èyí tó ń pọ̀ sí i bí adìẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i: ọmọ adìẹ fúnra rẹ̀, oúnjẹ, àjẹsára àti oògùn, èédú, àti owó ọkọ̀ lọ sọ́jà.

Owó tí ọjà tuntun yìí mú wá nìkan ni kí ẹ kà sí i. Ilé adìẹ tí ẹ kọ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ti wà níbẹ̀, owó oṣù ọmọ iṣẹ́ yín sì ti ń jáde látara ẹyin. Bí ẹ bá di wọ́n lé bírọ́ílà lórí, ọjà tó lè mówó wọlé máa dà bí èyí tó ń pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ yá ilé náà lọ́wọ́ yín lónìí, owó tí ì bá san gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò, torí pé ẹ ti pàdánù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ owó tó ń bá adìẹ kan rìn kúrò nínú owó tí ẹ máa tà á. Mo máa pe ohun tó kù ní àṣẹ́kù. Ẹ wá fi àṣẹ́kù náà pín owó àdúró:

iye tí ẹ gbọ́dọ̀ tà = owó àdúró ÷ (owó títà adìẹ kan − owó tó ń bá adìẹ kan rìn)

Ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ni káàkiri nìyí, ó sì tọ̀nà, àmọ́ kò tó fún ẹni tó ń sin adìẹ. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì lè dín ìyẹ̀fun tó ń rà kù ní ọjọ́ tí ọjà bá kú. Adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ ti ra gbogbo 200, gbogbo wọn sì ti jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nítorí náà iye méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ń sọ bí ọ̀wọ́ adìẹ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sí i. Èkejì ń sọ iye tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ nínú ọ̀wọ́ tí ẹ ti kó wọlé, kí gbogbo owó tó ti jáde tó padà. Èkejì yìí ló ń ṣe ìpinnu, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣírò.

Àlàfo tó wà láàárín iye yẹn àti iye adìẹ tó yè ni mo máa fi wé ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí títà bá falẹ̀.

Bírọ́ílà láàyè

Bírọ́ílà kan tí a sìn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa ń jẹ nǹkan bíi kílò mẹ́rin àbọ̀, ó sì máa ń wọn bíi kílò 2.4. Oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ₦3,240. Ẹ fi ọmọ adìẹ ₦1,200 kún un, àjẹsára àti oògùn ₦260, èédú àti ìyẹ̀fun pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ ₦200. Ó di ₦4,900. Fún 200, ₦980,000 nìyẹn.

Kì í ṣe 200 lẹ máa tà. Bí 10 bá kú, 190 ló kù, àwọn 190 yìí ló sì máa gbé owó àwọn tó kú. ₦980,000 tí a pín sí 190 jẹ́ bíi ₦5,160 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé adìẹ tó kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò jẹ nǹkan púpọ̀, àmọ́ èyí tí ooru pa ní ọ̀sẹ̀ keje ti jẹ ẹ́ tán, nítorí náà mo kà á bí ẹni pé gbogbo wọn jẹ àjẹtán. Ẹ fi owó ọkọ̀ àti owó ọjà ₦240 kún un, ó di ₦5,400. Bí ẹ bá tà á ní ₦7,200, àṣẹ́kù jẹ́ ₦1,800.

Owó àdúró fún ọ̀wọ́ kan: àfikún ọmọ iṣẹ́ fún oṣù méjì ₦60,000, epo omi àti iná ₦30,000, fífọ ilé ₦15,000, ohun èlò ìjẹun, ìmumi àti ìmúlé-gbóná tí wọ́n ná yín ní ₦240,000, tí ẹ máa lò fún ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ₦30,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦135,000.

₦135,000 tí a fi ₦1,800 pín jẹ́ adìẹ 75. Iye tó ń múnú ẹni dùn nìyẹn. Ẹ wá wo èkejì. Kí ẹ tó ta ọ̀kan, ₦980,000 àti ₦135,000 ti di ₦1,115,000. Adìẹ kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà ń mú ₦6,960 wálé lẹ́yìn owó ọkọ̀. Nítorí náà adìẹ 161 ló gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ nínú 190. Adìẹ 29 tó kù ni èrè yín. Bí gbogbo wọn bá tà, èrè náà súnmọ́ ₦207,000.

Àlàfo adìẹ 29 kò fẹ̀. Olóúnjẹ kan tó gbé 30 lọ ní àwìn fún ìnáwó, tó ní òun máa san lẹ́yìn òkú, ti gbé gbogbo èrè ọ̀wọ́ náà lọ. Adìẹ tí wọ́n ti san owó rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kà.

Ohun méjì ló ń ba ọjà yìí jẹ́. Ọ̀kan ni iye owó. Bí ọjà bá bọ́ sí ₦6,300, adìẹ 184 ló gbọ́dọ̀ tà nínú 190. Bí ó bá bọ́ sí ₦6,000, 194 ni, ẹ ò sì ní 194. Iye tí ẹ kò gbọ́dọ̀ tà kọjá sísàlẹ̀ rẹ̀, bí gbogbo 190 bá máa tà, jẹ́ ₦6,110. Ẹ kọ iye yẹn sára ògiri, kí ẹni tó ń bá yín tà á lè mọ ibi tó máa dúró nígbà tí oníbàárà bá ń nájà.

Èkejì ni ìdúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bírọ́ílà kan lè jẹ oúnjẹ ₦900 ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìlàjì àṣẹ́kù rẹ̀ nìyẹn. Bí 60 bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ₦108,000 ti lọ, ìyẹn ju ìlàjì èrè lọ. Ó ń tóbi sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ń fi ojú wọn adìẹ, tí kì í gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ ò ní rí owó ẹran tó fi kún ara rẹ̀ gbà.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí ọmọ adìẹ wọlé fi ṣe pàtàkì ní Ìjẹ̀bú ju ibòmíràn lọ. Ojúde Ọba máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé sì máa ń ṣe àlejò káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde ní àkókò yẹn. Àmọ́ oṣù òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀lé, ó ń fi nǹkan bíi ọjọ́ mọ́kànlá wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2025, Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ẹni tó fẹ́ kí adìẹ rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú Iléyá ọdún yẹn gbọ́dọ̀ ti kó ọmọ adìẹ wọlé ní nǹkan bíi ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Ẹni tó bá lo déètì ọdún tó kọjá máa ní adìẹ tí kò tíì tó títà lọ́jọ́ tí ọjà yá.

Àmì kan wà tó máa ń tètè hàn bí ìṣirò yín bá ti ń yẹ̀. Kílò mẹ́rin àbọ̀ fún 200 jẹ́ àpò 36. Ẹ máa ka àpò tó ṣófo. Àpò kan tó bá lé sí 36 jẹ́ ₦18,000, ìyẹn àṣẹ́kù adìẹ mẹ́wàá gẹ́ẹ́. Ẹ sì máa wọn adìẹ mẹ́wàá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn ò bá tó kílò kan ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ yẹ oúnjẹ, omi àti ìgbẹ́ wọn wò kíákíá, torí pé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù ni wọ́n máa jẹ èyí tó pọ̀ jù.

Bírọ́ílà dídì

Ohun tó ń fa èèyàn sí ọjà yìí ni pé adìẹ tó ti wọ fírísà kì í jẹun mọ́. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo iye tó ń náni.

Bírọ́ílà kílò 2.4, lẹ́yìn tí a bá pa á, tí a tu ìyẹ́ rẹ̀, tí a sì yọ ìfun, máa ń ṣẹ́kù bíi kílò 1.8. Bí kílò kan bá jẹ́ ₦4,800, adìẹ kan jẹ́ ₦8,640. Owó tó ń bá a rìn ni ₦5,160 ti àkọ́kọ́, pípa àti títu ìyẹ́ ₦400, ọ̀rá ₦100, gbígbé e kiri ₦240. Ó jẹ́ ₦5,900. Àṣẹ́kù jẹ́ ₦2,740, ó fi ₦940 ju ti adìẹ láàyè lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dìde lọ ra fírísà.

Ẹ dúró ná. Owó àdúró ti kúrò ní ₦135,000. Fírísà ńlá ₦600,000 tí a pín sí ọ̀wọ́ méjìlá jẹ́ ₦50,000. Epo jẹnẹrétọ̀ fún àkókò tí ẹ fi ń tà á, ₦120,000. Ìkòkò omi gbígbóná, ọ̀bẹ àti tábìlì, ₦10,000. Ó di ₦315,000. Ìṣirò àkọ́kọ́ fún wa ní adìẹ 115. Ìṣirò kejì, tí a bá ka gbogbo owó tó jáde pọ̀, ₦1,390,000, fún wa ní adìẹ 166 nínú 190. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, èrè jẹ́ bíi ₦206,000.

₦206,000 fún dídì, ₦207,000 fún ààyè. Ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè ni pé: adìẹ mélòó ló gbọ́dọ̀ gba inú fírísà kọjá kí àfikún owó náà tó padà? Àfikún owó àdúró jẹ́ ₦180,000, àfikún àṣẹ́kù jẹ́ ₦940. Ó jẹ́ adìẹ 192. Ilé yín ń mú 190 jáde. Ní ìwọ̀n oko yìí, fírísà kò tíì san owó ara rẹ̀.

Mo rò pé ìṣirò kan ṣoṣo yìí ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, torí pé owó fírísà kì í jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìwé ṣe pín in. Lọ́jọ́ kan náà ni ₦600,000 máa jáde, ọ̀pọ̀ ìgbà láti inú owó tó yẹ kí a fi ra oúnjẹ léyà.

Ọ̀nà méjì ló lè yí i padà. Ọ̀kan ni kí ẹ rí adìẹ tó pọ̀ jù 192 fún un: bí léyà 600 yẹn bá gbó, tí ẹ sì pa lára wọn, wọ́n á bá bírọ́ílà gbé owó fírísà àti jẹnẹrétọ̀. Èkejì, èyí tí mo fara mọ́ fún oko kékeré, ni pé kí ẹ má ra fírísà rárá. Ẹ ta èyí tó bá tà láàyè títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fi pé. Bí 60 bá kù, ẹ pa wọ́n lọ́jọ́ kan, kí ẹ san owó àyè fún ẹni tó ń ta ẹja àti ẹran dídì, tó ti ní fírísà àti iná tirẹ̀. Bí ó bá gba ₦100 lórí kílò, ìyẹn ₦180 lórí adìẹ kan, adìẹ náà ṣì ń fi ₦760 sílẹ̀ ju ti títà á láàyè ní ọjọ́ yẹn lọ, dípò kó dúró máa jẹ ₦900 lọ́sẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìgbà tí ọjà dídì ń yá àti ìgbà tó ń kú. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí ọgbà Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, àwọn olóúnjẹ máa ń ra kílò bíi mélòó kan léraléra, àmọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí ìsinmi, ọjà ń dákẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ yín ṣì ń mu epo. Ní ọ̀nà márosẹ̀, láti Ògèrè dé oríta Ṣágámù, àwọn ilé oúnjẹ kì í lọ ìsinmi, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí adìẹ wọn máa dọ́gba ní ìwọ̀n, wọ́n sì fẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀wọ́ kan láàárín oṣù mẹ́ta kò lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí iná bá lọ tí ẹran yọ́, ẹ má ṣe tún un dì láti tà. Ọ̀rá tí omi ẹlẹ́jẹ̀ ti dì sí nísàlẹ̀ máa ń fi hàn pé ẹran ti yọ́ rí, àwọn oníbàárà tó mọ nǹkan sì máa ń wo ibẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Nọ́ílà ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Nọ́ílà ni adìẹ tí ilé-iṣẹ́ Amo ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ fún ẹran àti ẹyin, tó lè máa jẹ kiri bí adìẹ ìbílẹ̀. Ìgbà èwe rẹ̀ ló le jù fún ẹni tí kò ní ibi ìmúlé-gbóná. Iṣẹ́ yẹn lẹ ń tà: ẹ gbé e kọjá ewu, ẹ fún un ní àjẹsára, ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn.

Ọmọ nọ́ílà ₦900, oúnjẹ kílò 1.25 ₦900, àjẹsára ₦250, èédú àti ìyẹ̀fun pákó ₦150. Ó jẹ́ ₦2,200, ₦440,000 fún 200. Mo ka ikú sí 16 níbí, torí pé gbogbo àkókò tí wọ́n fi wà lọ́wọ́ yín ni àkókò ewu. Ó ku 184. Owó àdúró fún ọ̀wọ́ kan jẹ́ ₦92,000. Bí ẹ bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦3,300, tí owó ọkọ̀ jẹ́ ₦110, adìẹ 167 ló gbọ́dọ̀ tà nínú 184 kí ₦532,000 tó padà. Èrè bí gbogbo rẹ̀ bá tà jẹ́ bíi ₦55,000.

Bí ẹ bá dúró síbí, ẹ máa sọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ilé tó gba bírọ́ílà 200 ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa gba nọ́ílà 400 ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, torí pé wọn ò tíì tóbi. Ilé ni ohun tí ẹ ní, kì í ṣe adìẹ, nítorí náà ilé kan sí ilé kan ni kí ẹ fi wéra. Fún 400, owó àdúró kò di ìlọ́po méjì. Mo fi ₦18,000 kún un fún ohun èlò àti omi, ó di ₦110,000. Owó tó jáde jẹ́ ₦990,000. Adìẹ 311 ló gbọ́dọ̀ tà nínú 368. Èrè jẹ́ bíi ₦184,000, láàárín ọ̀sẹ̀ méje péré pẹ̀lú fífọ ilé, nígbà tí bírọ́ílà ń gba bíi ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Ewu rẹ̀ ni àìsàn. Gúmbóró sábà máa ń kọlu adìẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, ìyẹn ìgbà tí ẹ fẹ́ tà wọ́n gan-an. Nínú ọ̀wọ́ 200, bí 40 bá kú, 160 ló kù, owó kò sì lè padà mọ́ láé, bó ti wù kí ọjà yá tó. Nítorí náà ẹ má ṣe fi owó àjẹsára ṣe ìṣúná. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, ẹ gbé e pẹ̀lú yìnyín, ẹ má sì pò ó mọ́ omi tó ní kílórínì.

Ohun rere kan wà: ìdúró kò pa nọ́ílà lára bíi bírọ́ílà. Nọ́ílà ọ̀sẹ̀ méje gbówó lórí ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, kì í sì í jẹ tó bírọ́ílà. Àmọ́ àyè ń tán, ọ̀wọ́ tó kàn ò sì lè wọlé.

Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì ni oníbàárà. Ilé kan máa ń ra mẹ́fà, mẹ́wàá, tàbí ogún, ó sì lè má padà wá fún oṣù mẹ́fà. Kí 368 tó tà lọ́sẹ̀ méje-méje, ẹ nílò àwọn tuntun léraléra, láti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Ọ̀rù, láti àwọn abúlé tó yí Odè Rẹ́mọ ká. Ẹ gba àsansílẹ̀ kí ẹ tó sanwó ọmọ adìẹ. Bí àsansílẹ̀ kò bá tó 200, ẹ má kó 400 wọlé.

Wọ́n rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Bírọ́ílà láàyè | Bírọ́ílà dídì | Nọ́ílà 200 | Nọ́ílà 400 |
|---|---|---|---|---|
| Owó tó jáde | ₦1,115,000 | ₦1,390,000 | ₦532,000 | ₦990,000 |
| Adìẹ tó yè | 190 | 190 | 184 | 368 |
| Iye tó gbọ́dọ̀ tà | 161 | 166 | 167 | 311 |
| Àlàfo | 29 | 24 | 17 | 57 |
| Èrè bí gbogbo rẹ̀ bá tà | ₦207,000 | ₦206,000 | ₦55,000 | ₦184,000 |

Owó kan wà tí kò sí nínú tábìlì yìí. Àwọn léyà 600 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè kó àìsàn láti ara àwọn ọmọ adìẹ tuntun. Bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá ń yé, kéréètì 16 ni lójúmọ́. Bí ó bá wálẹ̀ sí ìdá ọgọ́ta, ó di 12. Kéréètì mẹ́rin tó lọ, bí kéréètì bá jẹ́ ₦5,000, jẹ́ ₦20,000 lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, èrè ọ̀wọ́ bírọ́ílà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ọmọ iṣẹ́ ní bàtà ọ̀tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí omi oògùn wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹsẹ̀, kí oníbàárà dúró sí ẹnu géètì. Bí ilé méjèèjì bá fara kan ara wọn, tí afẹ́fẹ́ ń gba ti ọ̀kan kọjá sí èkejì, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kó ọmọ adìẹ wọ ibẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ní oníbàárà tó máa ń gbé adìẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí olóúnjẹ ìnáwó àti àwọn tó ń ra ti ọdún, tí owó rẹ̀ sì lè wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó mú bírọ́ílà láàyè. Kó fi ọjọ́ ọdún ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn, kó sì wá ẹni tó máa yá a láyè fírísà fún adìẹ tí kò bá tíì tà, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé.

Ẹni tó ní adìẹ tó ju 192 lọ láti gba inú fírísà kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí tó ti ní fírísà àti iná tó dúró ṣinṣin látinú iṣẹ́ mìíràn, ni bírọ́ílà dídì wà fún. Bí ó bá wà nítòsí ọ̀nà márosẹ̀, kó ní ilé méjì tó ń dàgbà tẹ̀lé ara wọn, kí ọjà má bàa já.

Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, tó mọ ìmúlé-gbóná dáadáa, tó sì ń gbé láàárín àwọn tó ń sin adìẹ lágbàálá, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ílà 200. Èrè àkọ́kọ́ kò ní pọ̀. Kó má lọ sí 400 títí ọ̀wọ́ méjì fi tà tán ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ikú kò sì ju 16 lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ìṣirò tirẹ̀ bá fún ní iye tó ju adìẹ tí ilé rẹ̀ lè mú jáde lọ, kó fi ilé náà sílẹ̀ lófo kó sì dúró de owó léyà tuntun. Ilé tó ṣófo kò jẹ oúnjẹ.